Àga Bàbá Wa Tí Mo Ń Bomi Rin

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí a gbé àga náà lọ sí Oǹdó, ọyẹ́ bo Àkúrẹ́ débi pé mi ò rí ògiri ilé tó kọjú sí tiwa. Ó dà bí ẹni pé ẹnìkan dúró lókè, ó ń ku eérú sílẹ̀. Oòrùn ti yọ, ṣùgbọ́n kò lágbára; èèyàn lè tẹjú mọ́ ọn láì ṣẹ́jú. Ètè mi ti là, gìgísẹ̀ mi náà ti là, mo sì ti fi òrí pa gbogbo rẹ̀. Àwọn adìyẹ mi kó ara wọn jọ sí ìdí àdògán, wọn ò fẹ́ jáde.

Àga náà wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo ti fi aṣọ ìbora mi kan dì í láti orí dé ẹsẹ̀, mo sì fi okùn so ó ní ìbàdí. Ọmọ mi ọkùnrin tí àwa àtìyàwó rẹ̀ jọ ń gbé inú ilé kan náà jáde síta, ó wò ó, ó ní, "Màmá, ṣé òtútù ń mú àga ni?"

Mo ní kó máa lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀. Èmi mọ ohun tí mò ń dì. Bí àga yẹn bá fi lè mì nílé ẹ̀gbọ́n mi lọ́jọ́ náà, ẹ̀gbọ́n mi kò ní wá gbé lọ́dọ̀ mi mọ́, yóò sì máa dá gbé nínú ilé ńlá yẹn pẹ̀lú eékún tó ń dùn ún.

Ẹ jẹ́ kí n padà sẹ́yìn díẹ̀ kó lè yé yín.

Ìta-Ògbólú ni wọ́n bí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sí. Àwa méjì péré ló kù nínú ọmọ ìyá wa. Òun lọ́kọ sí Oǹdó, èmi lọ́kọ sí Àkúrẹ́, àwọn ọkọ náà sì ti lọ sinmi. Bàbá wa, tó jẹ́ àgbẹ̀ olóko kòkó, ní àga kan tó jẹ́ igi ìrókò. Àga náà ga, ẹ̀yìn rẹ̀ nà ṣánṣán, ó ní apá méjèèjì tí èèyàn lè gbọ́wọ́ lé. Kò ní tìmùtìmù. Bàbá máa ń sọ pé tìmùtìmù ló ń sọ àgbàlagbà di ọ̀lẹ. Nígbà tí wọ́n kú, ẹ̀gbọ́n mi mú aago ògiri, èmi tí mo tọ́jú wọn títí dópin sì mú àga. Aago ti kú tipẹ́. Àga ló kù, ó sì ti ń mì.

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n mi wá kí mi nígbà ọyẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi sanra, kì í ṣe ohun tí a ń fi pamọ́. Ó jókòó lé àga bàbá wa, ó ń sọ̀rọ̀ nípa ìwà ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ọmọ rẹ̀, ó fẹ́ yí sí ọ̀tún láti fi ọwọ́ ṣàpèjúwe bí ìyàwó náà ṣe máa ń rìn. Àga náà bá a yí. Ó rọra fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí afẹ́fẹ́ tì, ó sì da ẹ̀gbọ́n mi sínú agbada gaàrí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yan tí mo gbé sílẹ̀ kó tutù. Kò fara pa. Gaàrí ló fara pa. Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ sáré gbé e dìde, kò sì sí ẹni tó lè wo ojú ẹnìkejì nítorí ẹ̀rín.

Ibi tí mo ti ṣẹ̀ ni pé nígbà tí wọ́n bi mí léèrè ohun tó ṣe àga, mo ní, "Àga kò ṣe nǹkan kan, ẹni tó jókòó lé e ló pọ̀." Mo sọ ọ́ bí àwàdà. Ọ̀rọ̀ náà dé Oǹdó ṣáájú ẹ̀gbọ́n mi. Láti ọjọ́ náà, bó bá wá sí Àkúrẹ́, ó máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ni, yóò kí wa tán lórí ìdúró, á sì máa lọ.

Lẹ́yìn náà ni eékún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí dùn ún. Ọmọ rẹ̀ tó wà ní Àbújá ra àga onítìmùtìmù fún un, èyí tó rọ̀ tó sì jìn bí kòtò. Lọ́jọ́ kan, ó jẹ ẹ̀kọ àárọ̀ tán, ó jókòó sínú rẹ̀, kò sì lè dìde mọ́. Ibẹ̀ ló wà títí oníbúrẹ́dì fi ń polówó kọjá lọ́sàn-án. Oníbúrẹ́dì ló wọlé wá fà á yọ. Nígbà tí mo bi í pé kí ló dé tí kò pariwo, ó ní kò yẹ kí àgbàlagbà obìnrin máa kígbe sí ìgboro pé tìmùtìmù mú òun.

Mi ò lè sùn dáadáa mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Mo bẹ̀ ẹ́ kó wá gbé lọ́dọ̀ mi. Ó kọ̀. Mo tún bẹ̀ ẹ́, ó ní ó dáa, àmọ́ kìkì bí wọ́n bá tún àga bàbá wa ṣe. Òun nílò àga tó ga, tó ní apá tí òun á fi ọwọ́ tì kí òun tó dìde. "Kó o sì gbé e wá sí Oǹdó níbí," ó ní, "kí n jókòó lé e nínú ilé ara mi, kí n mọ̀ pé kò mì. Mi ò tún ní lọ ṣubú sínú gaàrí ẹnikẹ́ni."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbé àga lọ bá bàbá káfíńtà kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń la pákó ní Àkúrẹ́. Ọmọ bíbí Àkúrẹ́ ni, Mùsùlùmí ni, ó sì ti ń hewú. Òun nìkan ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kì í sì í yára. Mo fẹ́ràn ẹni tí kì í yára.

Ó dojú àga dé, ó fi ọwọ́ mi ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń tẹ́tí sí i bíi dókítà. Oríkèé kọ̀ọ̀kan ní ohùn tirẹ̀. Ó wá rí ìṣó mẹ́ta tó ti dípẹtà.

"Màmá, ta ló kan ìṣó wọ̀nyí?"

Mo ní káfíńtà kan tó ń kiri ni, ó ti pẹ́.

Ó mi orí. Ó ní ìṣó kì í mú oríkèé tó ti tú, ó kàn ń la igi ni. Àga tó bá dáa, kì í ṣe ìṣó ló gbé e ró. Wọ́n gbẹ́ orí igi kan bí ahọ́n, wọ́n sì ki ahọ́n náà bọ ihò lára igi kejì, wọ́n wá fi àtè, ìyẹn gọ́ọ̀mù àwọn káfíńtà, mú un. Bí àtè bá ti gbó, ahọ́n á máa jó nínú ihò.

Ó fa ìṣó yọ. Ó fi àkísà bo àga kó má baà fara gbọgbẹ́, ó ń fi òòlù onígi lù ú jẹ́jẹ́ títí gbogbo rẹ̀ fi tú sílẹ̀. Ẹnu yà mí pé igi bàbá mi kéré tó bẹ́ẹ̀. Odidi àga tí a ń bẹ̀rù nígbà èwe, ìdìpọ̀ igi tí mo lè rù lórí ni. Kó tó tú u, ó ti fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí igi kọ̀ọ̀kan àti ihò tó bá a mu. Mo ní ṣé kò lè rántí ni? Ó ní bí igi ọ̀tún bá bọ́ sí òsì, àga á dúró, ṣùgbọ́n á dà bí ẹni tó wọ bàtà òdì.

Ó wá mú ọ̀bẹ pẹlẹbẹ, ó ń ha àtè àtijọ́ kúrò lára ahọ́n àti nínú ihò. Iṣẹ́ yìí gbà á ní ọjọ́ kan gbáko. Ó ní àtè tuntun kì í mú àtè àtijọ́, igi gan-an ló ń mú, nítorí náà igi gbọ́dọ̀ hàn. Ahọ́n kan ti kán sínú ihò níbi tí ìṣó wà. Ó gé èyí tó kù dọ́gba, ó gbẹ́ èyí tó há sínú ihò jáde, ó sì fi igi dí ihò náà pẹ̀lú àtè. Nígbà tó gbẹ, ó lu ihò méjì róbótó sí orí igi tí ahọ́n rẹ̀ kán, ó lu méjì tó bá a mu sára ẹsẹ̀ àga, ó sì rẹ́ ìṣó onígi méjì tí yóò wọ̀ wọ́n. Ó fi ayùn fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ sára ìṣó onígi náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ní ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ àti àtè tó bá pọ̀ jù á gbà jáde, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àtè á máa ti ìṣó padà.

Gbogbo ìgbà yìí, ẹ̀gbọ́n mi ń pè mí lórí fóònù lójoojúmọ́.

"Ṣé ó ti dúró?"

Mo ní ó wà lọ́wọ́ káfíńtà.

"Ìyẹn ni pé ó ṣì ń mì," á sì gbé fóònù sílẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì ni káfíńtà fi àtè sí i. Ó kọ́kọ́ to gbogbo rẹ̀ pọ̀ láìsí àtè kó lè mọ̀ pé ó wọ̀. Ó tú u, ó wá fi àtè funfun ra ahọ́n, ó ra inú ihò, ó ki wọ́n bọ ara wọn. Irin gígùn méjì ló ní, èyí tí wọ́n ń pè ní kíláǹpù, tí wọ́n ń yí kó lè fún igi mọ́ra. Ó fi wọ́n mú iwájú àti ẹ̀yìn, ó sì fi pákó kékeré sí ẹnu wọn kí irin má baà bu igi jẹ. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kò ní irin. Ó fi okùn yí wọn po, ó ki ọ̀pá bọ àárín okùn, ó ń lọ́ ọ bí ẹni ń fún aṣọ títí okùn fi le gan-an. Àtè yọ díẹ̀díẹ̀ lẹ́nu oríkèé, ó fi àkísà tútù nù ún. Ó ní ó di ọ̀la, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ó wá bu omi ṣe àlùwàlá, ó bẹ̀ mí kí n bá òun wo ṣọ́ọ̀bù, ó gba mọ́ṣáláṣí lọ kírun Jímọ̀.

Èmi àti àga ló kù.

Ẹ̀yin tí ẹ kò dàgbà lóko, ẹ gbọ́. Ní Ìta-Ògbólú, bí orí ààké bá ń yọ lára èèkù rẹ̀, bí ọkọ́ bá ń mì, a kì í wá káfíńtà. Inú omi la ń rì í sí di ọjọ́ kejì. Igi á mu omi, á wú, á mú irin ṣinṣin, a ó sì gbé e lọ sóko. Bàbá wa ló kọ́ wa. Ohun tí mo sì ti ń ṣe fún àga náà nìyẹn láti ọdún tí mo ti gbà á. Bí ọyẹ́ bá ti dé, tó bá bẹ̀rẹ̀ sí mì, mo máa ń bu omi, n ó dà á sí oríkèé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń bomi rin ewébẹ̀. Á dúró fún ọjọ́ mélòó kan, á tún mì, n ó tún bomi rin ín. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni nítorí kò sí ohun tó wà níbẹ̀ láti sọ. Ṣé èèyàn ń ròyìn pé òun fọwọ́?

Mo jókòó lórí àpótí, mò ń wo àga. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń fẹ́ wọ ṣọ́ọ̀bù, ó gbẹ, ó ń gbé ìyẹ̀ ayùn ká. Mo ro ó pé afẹ́fẹ́ yìí á gbẹ igi yìí, igi á súnkì, gbogbo làálàá bàbá yìí á sì ṣòfò. Ó ṣe mí láàánú. Gárawà omi tó fi ṣe àlùwàlá ṣì wà níbẹ̀, ife sì wà lórí rẹ̀.

Mo bomi rin ín. Mo fara balẹ̀ ṣe é, n kò fo oríkèé kankan. Nígbà tí omi ń ṣàn jáde, ó funfun bí omi ògì. Mo rò pé ìdọ̀tí àtijọ́ ló ń jáde, inú mi tilẹ̀ dùn, mo sì fi etí ìró mi nù ún. Mo wá rò ó pé nígbà tí igi bá wú, okùn yẹn á há a jù, ni mo bá dẹ ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀.

Káfíńtà dé pẹ̀lú fìlà funfun lórí. Ó kí mi, mo kí i, mo ní mo ti bá a ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ náà. Ó wo ilẹ̀. Ó wo adágún funfun tó wà lábẹ́ àga. Ó wo ife. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó rọra fi í kọ́ sórí ìṣó, ó wá jókòó sílẹ̀.

"Màmá, kí lẹ dà sí i?"

"Omi ni. Kó lè wú."

Ó fi ìka kan omi funfun náà wò. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ṣé ọkọ́ lẹ ní kí n bá yín tún ṣe ni?"

Ó ṣàlàyé fún mi láì jágbe mọ́ mi, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Ó ní àtè funfun yẹn, omi ni wọ́n fi pò ó. Kí ó tó gbẹ, omi ló lè fọ̀ ọ́ dànù, mo sì ti fọ̀ ọ́ dànù. Mo ní ṣùgbọ́n omi ti ń mú àga yìí dúró láti ọjọ́ pípẹ́. Ó ní báwo? Mo sọ fún un. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni ojú rẹ̀ ń fẹ̀ sí i.

"Lọ́dọọdún?"

Mo ní lọ́dọọdún, ó máa ń tó ẹ̀ẹ̀mẹrin tàbí márùn-ún nínú ọyẹ́ kan.

Ó fa ahọ́n igi kan yọ nínú ihò rẹ̀, ó fi hàn mí bí ara rẹ̀ ṣe rún. Ó ní bí igi bá wú nínú ihò tí kò sí àyè, ara rẹ̀ ló ń fún pa. Bó bá wá gbẹ, á kéré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ti ọkọ́ kò burú nítorí èèkù kì í pẹ́, a ó gé òmíràn nínú igbó. Ti àga kọ́ nìyẹn. "Àtè tó wà nínú rẹ̀ nígbà náà, ẹ̀yin lẹ fọ̀ ọ́ lọ. Màmá, kò sẹ́ni tó ba àga yìí jẹ́ bí kò ṣe ẹ̀yin."

Mo jókòó padà sórí àpótí. Gaàrí ọjọ́sí ló wá sí mi lọ́kàn, àti ọ̀rọ̀ tí mo sọ nípa ẹni tó pọ̀.

Ó tú gbogbo rẹ̀. Ó to àwọn igi sábẹ́ ibòòji, kò fi sí oòrùn kó má baà là, ó sì ní ó di ọjọ́ mẹ́rin. Nígbà tí wọ́n gbẹ tán, ó tún ha wọ́n, ó sì fi pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kún ahọ́n tó ti rún kó lè kún ihò rẹ̀. Ó rẹ́ ìṣó onígi tuntun. Lọ́jọ́ tó tún fẹ́ fi àtè sí i, ó ní kí n gbé àpótí mi sí ìta, kí n jókòó síbi tí òun á ti máa rí ọwọ́ mi. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń ta pákó ń kí mi pé ẹ kú ìjókòó, mo ní ẹ ṣé. Wọn ò mọ̀ pé wọ́n lé mi jáde ni.

Mo ń wò ó láti ìta. Nígbà tó fi irin àti okùn fún àga náà mọ́ra tán, ó mú okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó nà án láti igun kan dé igun kejì tó kọjú sí i, ó sàmì sí okùn, ó tún nà án sí igun méjì yòókù. Okùn kò bára mu. Ó yí ọ̀pá díẹ̀, ó tì í díẹ̀, ó tún wọ̀n ọ́n títí méjèèjì fi dọ́gba. Ó ní bí wọn ò bá dọ́gba, àga á wọ́, yóò sì gbẹ bẹ́ẹ̀. Ó gbé e sórí tábìlì tó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó ki pépà bọ abẹ́ ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò bóyá ọ̀kan gbójú sókè. Kò sí.

Ó gbẹ di ọjọ́ kejì. Ó tú irin àti okùn. Ó wá gé igi onígun mẹ́ta mẹ́rin, ó fi wọ́n sí abẹ́ ìjókòó ní igun kọ̀ọ̀kan, ó kọ́kọ́ lu ihò kí igi má baà là, ó fi àtè àti síkúrù mú wọn. Ó ní àwọn yìí ni ẹ̀ṣọ́. Bí oríkèé bá tilẹ̀ fẹ́ ṣe ohun tí kò dáa, àwọn ni yóò mú un lọ́rùn. Ó ní kí n jókòó.

Mo jókòó. Ó jẹ́ ohun àjèjì sí mi. Ó ti pẹ́ tí ìdí mi ti mọ bí a ṣe ń ṣọ́ra lórí àga yẹn, bí a ṣe ń fi ẹsẹ̀ òsì tẹ ilẹ̀ kó má yẹ̀. Mo fi ẹsẹ̀ òsì tẹlẹ̀, kò sí ohun tí mò ń dá dúró. Mo mi ara mi. Èmi nìkan ló mì.

"Ẹ jọ̀ọ́ Màmá," káfíńtà ní, "bó bá di ọyẹ́ ọdún tó ń bọ̀, ẹ bá mi mu omi yẹn."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe dé àárọ̀ ọjọ́ tí mo fi aṣọ ìbora dì í. Awakọ̀ tó ń lọ sí Oǹdó so ó sórí ọkọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjú sọ́run. Mo ní kó má fún okùn jù, ó ní òun ti so ewúrẹ́ rí. Obìnrin kan tó jókòó tì mí bi mí pé ṣé òkú ni wọ́n ń gbé lọ ni, tí mo fi ń gbàdúrà bẹ́ẹ̀. Títí a fi kọjá Ọ̀wẹnà, kò sí ihò ojú títì kan tí n kò mọ̀ lára mi. Bí ọkọ̀ bá ta, n ó wo òkè.

Ẹ̀gbọ́n mi ti ń dúró dè wá. Ó ti pe aládùúgbò rẹ̀ kan, obìnrin tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, kó wá ṣe ẹlẹ́rìí. Wọ́n tú aṣọ. Ẹ̀gbọ́n mi fi ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ yí àga náà ká, ó kàn án lẹ́sẹ̀, ó kàn án lápá. Ó ní kí tíṣà wo abẹ́ rẹ̀. Tíṣà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní òun rí igi onígun mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n mi ní mélòó? Tíṣà ní mẹ́rin. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí èmi kọ́kọ́ jókòó. Mo jókòó, mo mi ara mi, mo dìde.

Kó tó jókòó ni mo sọ ọ́. N kò fẹ́ kó jókòó pẹ̀lú irọ́ lábẹ́ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Kì í ṣe ara yín ló wó àga lọ́jọ́ yẹn. Èmi ni. Omi ni mo ń dà sí i lọ́dọọdún bíi ti ọkọ́, àtè rẹ̀ ti ṣí lọ tipẹ́tipẹ́. Bó jẹ́ ọmọ ọwọ́ ló jókòó lé e, yóò ṣubú."

Ẹ̀gbọ́n mi dúró lórí ọ̀pá rẹ̀. Ó wò mí títí.

"Ọdún mẹ́ta," ó ní. "Ọdún mẹ́ta ni n kò jẹ iyán tán nínú abọ́ mi. N ó jẹ ẹ́ débi kan, n ó rántí gaàrí yẹn, n ó gbé abọ́ kúrò nílẹ̀."

Tíṣà yí ojú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Ẹ má bínú," mo tún sọ.

"Dìde. Eékún tìrẹ náà kò dáa."

Ó wá jókòó. Ó gbé gbogbo ara rẹ̀ lé e lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni tó fẹ́ gbẹ̀san. Àga kò sọ̀rọ̀. Ó yí sí ọ̀tún, ó fi ọwọ́ ṣàpèjúwe ìrìn ìyàwó ọmọ rẹ̀ yẹn gan-an láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó yí sí òsì. Ó fẹ̀yìn tì. Lẹ́yìn náà, ó gbé ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì ti apá àga, ó sì dìde lóun nìkan. Ó tún jókòó. Ó tún dìde. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo kà. Ojú rẹ̀ rí bíi ti ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń rìn.

Inú mi dùn. Mo ní ó dáa, ká bẹ̀rẹ̀ sí di ẹrù.

"Ẹrù wo?"

"Ẹrù yín. Ẹ ní bí kò bá mì, ẹ̀ ń bọ̀ ní Àkúrẹ́."

Ó tún jókòó, ó gbọ́wọ́ lé apá àga méjèèjì bí bàbá wa ṣe máa ń ṣe. Ó ní, "Nígbà tí mo lè dá dìde, kí ni mo fẹ́ wá ṣe ní Àkúrẹ́? Ìwọ fi àga sílẹ̀, kí o máa lọ ní tìrẹ."

Mo wo tíṣà. Tíṣà ní òun kàn wá wo àga ni, òun kò gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹrù. Mo jà díẹ̀. Mo ní bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá yọ̀ nínú balùwẹ̀ ńkọ́? Ó ní balùwẹ̀ kò ní tìmùtìmù. Mo ní ta ni yóò máa bá a sọ̀rọ̀? Ó ń fi àtàǹpàkò pa apá àga níbi tí ọwọ́ bàbá wa ti mú un dán. Ó wá ní kí n lọ gún iyán, iṣu wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kí n má sì gún un kékeré.

Mo gún un. Ó jẹ ẹ́ tán lórí àga bàbá wa, ó lá ọwọ́, ó bi mí bóyá ó kù. Mo rí i pé yàrá tó kọjú sí tirẹ̀ ṣófo, ibùsùn wà níbẹ̀, fèrèsé rẹ̀ sì kọjú sí ibi tí èèyàn ti lè sin adìyẹ.

Ní ọjọ́ kejì, mo fọ ìkòkò, mo gbá iwájú ilé, mo wọ ọkọ̀ àárọ̀ padà sí Àkúrẹ́. Mo di aṣọ mi sínú àpò méjì, mo mú ẹní mi, mo fi orógùn àmàlà mi tí mo fẹ́ràn sí i, mo sì kó adìyẹ mẹ́rin sínú apẹ̀rẹ̀. Mo kó kọ́kọ́rọ́ yàrá mi fún ìyàwó ọmọ mi. Nígbà tí oòrùn ń rọlẹ̀, mo ti padà dé Oǹdó. Ẹ̀gbọ́n mi wà lórí àga lẹ́nu ọ̀nà, ó rí mi pẹ̀lú ẹrù. Ó fi ọwọ́ méjèèjì ti apá àga, ó dìde, ó sì gba apẹ̀rẹ̀ adìyẹ lọ́wọ́ mi.